Bí Ìgasókè Òkun Tí Kò Tó Nǹkan Ṣe Ń Di Omíyalé ní Àwọn Ìlú Etíkun Tó Wà Nísàlẹ̀

Láti ọdún 1901 sí 2018, ìpele òkun káàkiri àgbáyé gòkè ní nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà. Ẹni tó bá gbọ́ iye yìí lè rò pé kò tó ohun tí a ń pariwo lé lórí, nítorí pé ìgbì òkun lásán máa ń ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, kódà lọ́jọ́ tí ìjì kò jà. Ṣùgbọ́n òkun kì í dúró sójú kan. Ó ń kún, ó sì ń fà sẹ́yìn lójoojúmọ́. Oṣùpá ń fà á, ẹ̀fúùfù ń tì í, ìjì ńlá sì máa ń kó o jọ síbi kan. Orí ìpele àárín, èyí tí òkun ń pa dà sí lẹ́yìn gbogbo kíkún àti fífà rẹ̀, ni gbogbo ìwọ̀nyí ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìpele àárín yìí bá ti gòkè, ìkún òkun tí kì í dé ojú títì tẹ́lẹ̀ yóò dé ibẹ̀, láìjẹ́ pé ẹ̀fúùfù tàbí oṣùpá ti fi agbára kankan kún ti àtẹ̀yìnwá. Nítorí náà, ìlú tó wà nísàlẹ̀ kò ní láti dúró dìgbà tí òkun yóò bò ó pátápátá kí ìyà tó jẹ ẹ́. Ìyà náà ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ìkún òkun lásán ti ń wọlé.

Ọ̀nà pàtàkì méjì ni omi tó ń gòkè yìí ń gbà wá. Àkọ́kọ́ ni pé omi tó wà nínú òkun tẹ́lẹ̀ ń fẹ̀ nítorí pé ó ń gbóná. Ìkejì ni pé yìnyín tó wà lórí ilẹ̀ ń yọ́, ó sì ń ṣàn wọ inú òkun.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ti ooru. Nínú gbogbo àfikún ooru tí èéfín tí aráyé ń tú sí ojú ọ̀run ń dá dúró sí ayé, nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 ló ń wọ inú òkun. Ohun tó ṣẹ́kù fún afẹ́fẹ́, ilẹ̀ àti yìnyín kò pọ̀. Omi tó bá gbóná a máa fẹ̀, ṣùgbọ́n fífẹ̀ rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè fi ojú rí i nínú ìkòkò. Jíjìn òkun ló ń sọ ọ́ di ńlá. Ká mú apá òkè òkun tó jìn tó 700 mítà, ká sì sọ pé ó gbóná sí i ní ìdajì dígíríì Sẹ́síọ́ọ̀sì péré. Omi òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ máa ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá méjì nínú 10,000 fún dígíríì kan, nítorí náà yóò fẹ̀ ní ìdá kan nínú 10,000 fún ìdajì dígíríì. Ìdá kan nínú 10,000 ti 700 mítà jẹ́ 7 sẹ̀ǹtímítà. Níwọ̀n bí ilẹ̀ tó yí òkun ká kò ti gbà á láyè láti fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, òkè nìkan ló kù tí ó lè gbà. Bí òkun ṣe ga ní sẹ̀ǹtímítà 7 nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹ̀kán omi kan ṣoṣo wọ inú rẹ̀.

Ìṣirò yìí fi ohun méjì tó yẹ ká mọ̀ pamọ́. Omi tútù kì í fẹ̀ tó omi gbígbóná: ní agbègbè tí òkun ti súnmọ́ àti dì, fífẹ̀ rẹ̀ fún dígíríì kan kò tó ìdajì ti omi ilẹ̀ olóoru. Ibi tí ooru náà bá wọlé sí ṣe pàtàkì, nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí iye ooru náà ti ṣe pàtàkì. Èkejì ni pé ooru máa ń pẹ́ kí ó tó wọ ìsàlẹ̀ òkun. Omi ojú òkun ti ń gbóná láti ìran àwọn bàbá wa títí dé tiwa, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún kò tíì gba ìpín tirẹ̀ tán, yóò sì máa gbà á fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Kódà bí èéfín bá dáwọ́ dúró lónìí, fífẹ̀ òkun kò ní dáwọ́ dúró pẹ̀lú rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, èyí ló wúwo jù lọ́kàn mi, nítorí ó túmọ̀ sí pé a ti jẹ gbèsè tí àwọn ọmọ ọmọ wa yóò máa san.

Ní ti yìnyín, ìyàtọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe. Yìnyín tó ń léfòó lórí òkun kì í gbé ìpele òkun sókè bó bá yọ́, àfi díẹ̀ tí kò tó nǹkan, nítorí pé ó ti ń ti omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n tó bá ìwúwo rẹ̀ mu kí ó tó yọ́. Ẹnikẹ́ni lè fi ife omi dán an wò: kí ó ju yìnyín sínú ife, kí ó fi àmì sí ibi tí omi dé, kí ó sì dúró kí yìnyín náà yọ́ tán. Omi náà kò ní kọjá àmì. Èyí tó ń dá kún òkun ni yìnyín tó jókòó sórí ilẹ̀, ìyẹn yìnyín orí àwọn òkè gíga àgbáyé, ti erékùṣù Gírínláǹdì, àti ti Àǹtátíkà ní ìsàlẹ̀ ayé.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba rárá. Bí gbogbo yìnyín orí òkè bá yọ́ tán, òkun yóò gòkè ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà. Ti Gírínláǹdì nìkan lè gbé e sókè ní mítà 7 ó lé díẹ̀. Ti Àǹtátíkà sì tó nǹkan bí mítà 58. Kò sí onímọ̀ tó ń sọ pé gbogbo ìyẹn yóò yọ́ ní ìgbà ayé wa, ṣùgbọ́n iye wọ̀nyí fi hàn ibi tí ewu ọjọ́ iwájú wà. Títí di ìsinsìnyí, láàárín 1971 àti 2018, nǹkan bí ìdajì ìgasókè òkun ló wá láti inú fífẹ̀ omi. Yìnyín orí òkè dá nǹkan bí ìdá 22 nínú 100, Gírínláǹdì àti Àǹtátíkà pẹ̀lú ara wọn sì dá nǹkan bí ìdá 20. Ìwọ̀nba tó kù jẹ́ omi tó kúrò lórí ilẹ̀ lọ sínú òkun. Ní ọdún àìpẹ́ yìí, ìpín ti yìnyín ń pọ̀ sí i.

Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lò fún yìnyín rọrùn láti lóye. Ìtóbi ojú gbogbo òkun àgbáyé jẹ́ nǹkan bí 361 mílíọ̀nù kìlómítà níbùú lóròó. Láti gbé gbogbo rẹ̀ sókè ní mìlímítà kan, a nílò nǹkan bí 361 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù omi. Láti 2002 tí sátẹ́láìtì ti ń wọn ìwúwo yìnyín láti ojú ọ̀run, Gírínláǹdì ti ń pàdánù ju 200 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ lọ́dọọdún ní ìpíndọ́gba, èyí tí ó ju ìdajì mìlímítà lọ lọ́dún. Ti Àǹtátíkà kò tíì tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ibi kan tí àwọn onímọ̀ kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ìyẹn odò yìnyín Tùwéètìsì ní ìhà ìwọ̀ oòrùn rẹ̀. Orí àpáta tó rì sísàlẹ̀ ìpele òkun ni yìnyín yìí jókòó sí, àpáta náà sì ń jìn sí i bí a bá ṣe ń wọ àárín ilẹ̀ lọ. Omi òkun tí kò tutù tó ń wọ abẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì ṣe ń fà sẹ́yìn ni omi túbọ̀ ń rí àyè wọlé. Odò yìnyín kan ṣoṣo yìí ní omi tó lè gbé òkun àgbáyé sókè ní nǹkan bí 65 sẹ̀ǹtímítà. Bí yóò ṣe yára tó ni kò dá ẹnikẹ́ni lójú, òun sì ni ìdí pàtàkì tí iye tí a ń sọ fún òpin ọgọ́rùn-ún ọdún yìí fi jìnnà síra wọn.

Báwo la ṣe mọ̀ pé àwọn iye wọ̀nyí jóòótọ́? Irú ìwọ̀n mẹ́ta tí kò gbára lé ara wọn ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Láti 1992, sátẹ́láìtì ti ń wọn gíga ojú òkun fúnra rẹ̀. Nǹkan bí 4,000 ẹ̀rọ léfòóléfòó tí wọ́n ń pè ní Ágò ń rì lọ sí 2,000 mítà nísàlẹ̀ òkun, wọ́n sì ń gòkè pa dà ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá láti sọ bí omi ṣe gbóná tó. Ìyẹn ló ń jẹ́ ká mọ ìpín ti fífẹ̀. Sátẹ́láìtì irú kejì ń wọn agbára òòfà ilẹ̀, ó sì ń fi hàn iye omi tó kúrò lórí ilẹ̀ tó sì wọ inú òkun. Bí a bá ro ìpín ti fífẹ̀ pọ̀ mọ́ ti omi tuntun, ó yẹ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èyí tí sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ rí mu, ó sì ń bá a mu. Bí a bá fi ìwọ̀n wọ̀nyí wé èyí tí wọ́n ti ń wọ̀n ní etíkun tipẹ́tipẹ́ ṣáájú sátẹ́láìtì, a ó rí i pé ìgasókè náà ń yára: láàárín 1901 àti 1971, mìlímítà kan àti díẹ̀ ni lọ́dún, láàárín 2006 àti 2018, ó ti di nǹkan bí mìlímítà 3.7 lọ́dún.

Síbẹ̀, iye ti gbogbo àgbáyé kì í ṣe iye ti ìlú kankan ní pàtó. Yìnyín tó tóbi tó ti Gírínláǹdì wúwo débi pé ó ń fa omi òkun sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bí ó ṣe ń yọ́, òòfà náà ń dínkù, omi tó kó jọ yí i ká sì ń tú ká. Nítorí náà, òkun ń lọ sílẹ̀ ní etí Gírínláǹdì gan-an, ó sì ń gòkè ju ìpíndọ́gba lọ ní ibi tó jìnnà. Àwọn ìlú tí kò rí yìnyín rí ló ń gba èyí tó pọ̀ jù. Ilẹ̀ ìlú fúnra rẹ̀ tún lè máa rì. Ilẹ̀ tí odò kó iyanrìn àti ẹrẹ̀ jọ dá sílẹ̀ máa ń fún ara rẹ̀ pọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí àwọn ènìyàn bá sì ń fa omi kànga jíjìn lábẹ́ rẹ̀, yóò rì kíákíá. Fún ẹni tó ń gbé ibẹ̀, òkun tó gòkè ní sẹ̀ǹtímítà kan àti ilẹ̀ tó rì ní sẹ̀ǹtímítà kan kò yàtọ̀ síra.

Fẹ́nísì ní Ítálì ló fi èyí hàn jù lọ, nítorí orí àwọn erékùṣù kéékèèké tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju omi lọ láàárín ọ̀sà ni wọ́n kọ́ ọ sí, wọ́n sì ti ń wọn òkun rẹ̀ láti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Òdo tí wọ́n fi ń wọn ibẹ̀ ni ìpele àárín òkun ní 1897. Láti ìgbà náà, ìpele àárín ti gòkè ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà sí òdo yẹn. Apá kan jẹ́ ti òkun, apá kan jẹ́ ti ilẹ̀ tó rì. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lódìkejì ọ̀sà ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ láàárín 1950 àti 1970, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10 ni ìlú náà fi rì ní ogún ọdún péré. Wọ́n dá a dúró, rírì náà sì dínkù gidigidi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ti rì kò gbéra pa dà, àfi díẹ̀.

Ẹ wo ohun tí 30 yẹn ń ṣe. Nígbà tí òṣùpá bá jẹ́ àrànmọ́jú tàbí nígbà tí oṣù tuntun bá lé, ìkún òkun níbẹ̀ máa ń ga ní nǹkan bí 50 sẹ̀ǹtímítà ju ìpele àárín lọ. Ní 1897, ìyẹn yóò dé 50 lórí òpó ìwọ̀n. Lónìí, yóò dé 80. Ní nǹkan bí 80 ni omi ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ní gbàgede Sàn Máàkò, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tó rẹlẹ̀ jù ní ìlú náà. Kò sí ìjì, òjò kò rọ̀, oòrùn tilẹ̀ lè máa ràn; oṣùpá nìkan ti tó. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ yóò rí i pé omi kì í gba etí bèbè wọlé lákọ̀ọ́kọ́. Àwọn ihò gọ́tà tó wà láàárín òkúta ilẹ̀ gbàgede ló ń ti ìsàlẹ̀ sun wá, kíún kíún, títí àwọn adágún kéékèèké yóò fi pàdé ara wọn. Nígbà tí òkun bá fà, omi náà á tún gba ihò kan náà pa dà.

Àmì tí a fi ń dá irú omi yìí mọ̀ níbi gbogbo nìyẹn. Omi òjò máa ń tẹ̀lé òjò, ó sì ń ṣàn láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Omi òkun máa ń tẹ̀lé wákàtí ìkún òkun, ó máa ń ti ẹnu gọ́tà jáde, ó níyọ̀, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Ìlú tí kò bá kọ ọjọ́ àti wákàtí tí omi wọlé sílẹ̀ lè máa náwó lórí gbígbẹ́ gọ́tà nígbà tó jẹ́ pé gọ́tà náà gan-an ni ọ̀nà tí òkun ń gbà. Bí wọ́n bá sì fi ìlẹ̀kùn sí ẹnu gọ́tà kí òkun má bàa wọlé, òjò tó bá rọ̀ ní wákàtí ìkún kò ní rí ọ̀nà jáde, àfi bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ fà á.

Ti ìjì ló burú jù. Ní alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2019, ẹ̀fúùfù ti omi Òkun Adíríátíkì jọ sí apá òkè rẹ̀ ní wákàtí ìkún, omi sì dé 187 ní Fẹ́nísì. Yàtọ̀ sí ti ọdún 1966 tó dé 194, kò sí èyí tó ga tó bẹ́ẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ìlú náà. Bí a bá yọ 30 kúrò, ìjì kan náà, ẹ̀fúùfù kan náà àti oṣùpá kan náà ì bá dé nǹkan bí 157 ní 1897. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tó tẹ̀lé e, omi tún kọjá 140 lẹ́ẹ̀mẹta. Ibi tí ewu náà ti ń pọ̀ nìyí: àfikún díẹ̀ sí ìpele àárín kì í kàn mú kí omíyalé ńlá jìn sí i, ó ń sọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́pọ̀ ọdún di ohun ọdọọdún, ó sì ń sọ ti ọdọọdún di ti oṣooṣù.

Ohun tí omi yìí ń fi sílẹ̀ bó bá lọ tán kì í tètè hàn. Àwọn tó kọ́ Fẹ́nísì mọ̀ pé bíríkì máa ń fa omi, nítorí náà wọ́n fi òkúta líle tí omi kì í wọ̀ ṣe ìpìlẹ̀ ògiri, wọ́n sì gbé e ga ju ibi tí ìkún òkun ìgbà náà lè dé lọ. Nísinsìnyí, omi ń kọjá òkúta náà dé orí bíríkì. Bíríkì á fa omi iyọ̀ gòkè. Nígbà tí ògiri bá gbẹ, iyọ̀ á dì sínú rẹ̀, á sì máa tì í láti inú títí ojú rẹ̀ yóò fi ṣí kúrò bí ìpẹ́. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ní etíkun mìíràn, níbi tí omi iyọ̀ ti ń wọ inú kànga tí omi abẹ́ ilẹ̀ sì ń gòkè súnmọ́ ojú ilẹ̀ bí òkun ṣe ń gòkè. Ògiri tí a mọ sí etí òkun kò lè dá ìyẹn dúró.

Fẹ́nísì ti ṣe ohun tí owó àti ìmọ̀ ẹ̀rọ lè ṣe. Ìlẹ̀kùn irin 78 ni wọ́n tò sí ìsàlẹ̀ omi ní ẹnu ọ̀nà mẹ́ta tí òkun ń gbà wọ ọ̀sà, wọ́n sì pe iṣẹ́ náà ní Mósè. Bí ìkún ńlá bá ń bọ̀, wọ́n á ti afẹ́fẹ́ sínú àwọn ìlẹ̀kùn náà, wọ́n á sì dìde láti pààlà sí òkun. Ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sókè láti dá ìkún gidi dúró, gbàgede Sàn Máàkò sì gbẹ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún kan náà, àsọtẹ́lẹ̀ sọ pé omi kò ní dé 130, èyí tí í ṣe ìwọ̀n tí wọ́n ń retí kí wọ́n tó ti ìlẹ̀kùn nígbà náà. Wọn kò tì í. Omi dé 138, ó sì wọ ìlú. Wọ́n ti wá ń lo 110 báyìí. Níwọ̀n bí gbàgede náà sì ti ń rí omi kí ó tó dé 110, wọ́n tún fi ògiri gíláàsì yí ilé ìjọsìn ńlá Sàn Máàkò ká ní 2022.

Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ lórí ìyípadà ojú ọjọ́ sọ pé, bí a bá fi wé ìpíndọ́gba 1995 sí 2014, òkun àgbáyé yóò ga sí i ní nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà ní 2050, ohun yòówù kí aráyé ṣe sí èéfín. Ní 2100 ni ìyàtọ̀ yóò hàn: láti 28 sí 55 bí èéfín bá dínkù kíákíá, láti 63 sí 101 bí ó bá pọ̀ gan-an, wọn kò sì lè sọ pé kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ bí yìnyín Àǹtátíkà bá yára wó.

Ẹ fi iye wọ̀nyí sínú ìṣirò Fẹ́nísì. Lónìí, láti ìpele àárín tó wà ní 30 dé 110 tí wọ́n ti ń ti ìlẹ̀kùn, àlàfo 80 ló wà, ìkún òṣùpá àrànmọ́jú sì ń gba 50 nínú rẹ̀. Ìjì tó bá fi 30 kún un nìkan ló ń mú kí wọ́n tì í. Bí òkun bá gòkè ní 20, àlàfo náà di 60, atẹ́gùn tó fi 10 kún ìkún òṣùpá àrànmọ́jú sì ti tó. Bí ó bá gòkè ní 60, àlàfo náà di 20, ìkún òkun lásán yóò sì kọjá rẹ̀ lọ́pọ̀ ọjọ́ láàárín oṣù, láìsí ẹ̀fúùfù kankan. Nígbà náà, tí wọ́n bá tì í, ọkọ̀ ojú omi kò ní rí ọ̀nà wọ èbúté, omi ìdọ̀tí ìlú tó ń gbára lé ìkún àti ìfàsẹ́yìn òkun láti jáde yóò sì máa dúró sínú ọ̀sà. Tí wọn kò bá tì í, omi yóò máa gba ihò gọ́tà gbàgede gòkè wá.